Omi àti ẹ̀jẹ̀ nínú orí ọmọ tuntun: ohun tí síkáànù àwùjẹ̀ ń fi hàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ 29 ni mo bí ọmọkùnrin mi, kílò 1.15 ló wọ̀n. Ní ọjọ́ 4 wọ́n fi síkáànù wo orí rẹ̀ láti àwùjẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ lápá òsì, gíréèdì 2. Wọ́n kọ «VI 9 mm, AHW 2 mm». Ní ọjọ́ 11 ó di «VI 12 mm, AHW 5 mm», wọ́n ní omi ń pọ̀, ká máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tóbi, àwùjẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ dáadáa. Báwo ni ẹ̀rọ yẹn ṣe ń mọ ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí omi? Ṣé òótọ́ ni pé omi ń pọ̀ nígbà tí orí kò tíì tóbi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá, ẹ sì kú ìrọ́jú wọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, omi lè máa pọ̀ nínú ọpọlọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó tiẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí teepu tí wọ́n fi ń wọn orí tó rí i, kí àwùjẹ̀ sì tó le. Síkáànù ló máa ń kọ́kọ́ rí i. VI àti AHW ń sọ bí àwọn yàrá tí omi wà nínú ọpọlọ ṣe fẹ̀ tó. Nọ́ńbà ọjọ́ 11 yẹn ti kọjá ohun tó yẹ ká rí lára ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ fa omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ, ìmọ̀ràn tó tọ́ sì ni.

Ìró ni síkáànù ń lò, kò ní ìtànṣán bíi ti ẹ̀kísíréè, nítorí náà wọ́n lè tún un ṣe léraléra láìṣe ọmọ níbi. Ohun kékeré tí wọ́n ń fi kan ara, póróòbù, ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọlé. Ìró náà á kan nǹkan, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi bó ṣe pẹ́ tó àti bó ṣe lágbára tó ya àwòrán. Egungun kì í jẹ́ kó kọjá. Ó ń dá èyí tó pọ̀ padà, ó sì ń gbé ìyókù mì. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi irú síkáànù yìí wo ọpọlọ àgbàlagbà. Lórí ọmọ tuntun, egungun iwájú orí méjì àti egungun ẹ̀gbẹ́ orí méjì kò tíì pàdé, awọ lásán ló bo àlàfo tó wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni àwùjẹ̀. Ìró ń gba ibẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó sábà máa ń dí láàárín oṣù 9 sí oṣù 18, ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù 6 àkọ́kọ́ ló fẹ̀ tó láti rí inú dáadáa. Àlàfo kékeré mìíràn wà ní ìpàkọ́, ọ̀kan sì tún wà lẹ́yìn etí kọ̀ọ̀kan.

Wọn kì í gbé ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ínkúbétọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe é á fọ ọwọ́, á fi oògùn apakòkòrò nu póróòbù, á sì ti ọwọ́ bọ ihò ẹ̀gbẹ́ ínkúbétọ̀, torí ọmọ kílò 1 lè tutù kí iṣẹ́ tó parí bí wọ́n bá ṣí ìdérí sílẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀, nítorí atẹ́gùn díẹ̀ tó bá há sínú irun ọmọ ti tó láti pa àwòrán rẹ́. Póróòbù tí wọ́n ń lò kéré lẹ́nu kí ó lè jókòó sínú àwùjẹ̀. Fún ọmọ bíi ti yín, ti mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 7 sí 8 ló dára, ó ń fi nǹkan wẹ́wẹ́ hàn kedere. Fún ọmọ tó pé oṣù, tí orí rẹ̀ jìn, wọ́n lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 5, nítorí ìró tó ga kì í rìn jìnnà. A kì í tẹ póróòbù mọ́ àwùjẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ìlù ọkàn ọmọ lè lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èémí rẹ̀ sì lè dá dúró. Orí jẹ́ẹ̀lì ni póróòbù ń lé, ìka ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é á sì dúró lórí egungun kí ọwọ́ má baà wúwo, ojú rẹ̀ á máa lọ sí ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́ póróòbù á dùbúlẹ̀ láti ọ̀nà etí kan sí èkejì, á sì máa yí díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn ojú ọmọ títí dé ìpàkọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí i padà kó dojú kọ iwájú sí ẹ̀yìn, wọ́n á wo àárín gbùngbùn, lẹ́yìn náà apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà apá òsì. Ohun tí a bá rí lójú kan, ó gbọ́dọ̀ hàn lójú kejì ká tó gbà pé ó wà níbẹ̀. Òfin yìí ló ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìròyìn tí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí igun tí ìró gbà wọlé lè sọ ibi tí kò ní àrùn di funfun, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá omi lápá ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá wo ibẹ̀ láti igun mìíràn, funfun náà á pòórá. Èyí tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kì í pòórá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọ̀ tó ń hàn. Omi ọpọlọ mọ́ lóló, kò sí ohun tó lè dá ìró padà nínú rẹ̀, nítorí náà ó máa ń dúdú kirikiri lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ tuntun tó ti dì kún fún sẹ́ẹ̀lì tó há mọ́ra wọn, wọ́n sì ń dá ìró padà gan-an, torí náà funfun báláú ló ń hàn. Ara ọpọlọ fúnra rẹ̀ wà láàárín méjèèjì, ó dà bí àwọ̀ eérú. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, á sì máa sún kì. Bó bá yá, ó lè ku kìkì ihò omi kékeré níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ tàná tàbí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun funfun ló jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ibí yìí sì ni iṣẹ́ náà ti ń le. Yàrá omi mẹ́rin ló wà nínú ọpọlọ: ńlá méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ẹ̀kẹta tóóró láàárín wọn, ẹ̀kẹrin nísàlẹ̀ níwájú ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́. Nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìdì iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ kóróídì, òun ló ń ṣe omi náà. Kóróídì funfun bí ẹ̀jẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí wọ́n wà. Kóróídì nípọn lápá ẹ̀yìn, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń bọ̀ níwájú, ó sì máa ń dópin síbi ihò Mọ́nrò, ihò tí yàrá ẹ̀gbẹ́ fi ń tú omi sínú yàrá àárín. Kì í wọ inú ṣóńṣó iwájú yàrá náà tí wọ́n ń pè ní ìwo iwájú, kì í sì í wọ ìwo ẹ̀yìn.

Lẹ́bàá ihò Mọ́nrò yẹn ni kọ́déètì àti tálámọ́ọ̀sì ti pàdé, àwọn ẹ̀yà ọpọlọ méjì tí ààlà wọn hàn bí ìlà kékeré. Ní ẹnu ààlà yìí ni ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tuntun ti ń hù wà, tí dókítà ń pè ní jẹ́mínà mátíríìsì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ògiri wọn kò lágbára, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò sì lè ṣàkóso bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rọ́ lọ sí ọpọlọ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rọ́ wọlé lójijì tàbí tó bá dín kù lójijì, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya. Nígbà tí oyún bá fi pé ọ̀sẹ̀ 34, ibi ìhù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ irú èyí fi jẹ́ àìsàn àwọn tí kò pé oṣù. Wákàtí 72 àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà síkáànù ọjọ́ 4 bọ́ sí àkókò.

Ní báyìí ẹ lè fojú ara yín rí bí wọ́n ṣe mọ̀. Bí funfun bá wà níwájú ààlà kọ́déètì àti tálámọ́ọ̀sì, níbi tí kóróídì kì í dé, ẹ̀jẹ̀ ni. Bí funfun bá wà nínú ìwo ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ni. Nítorí ọmọ ń dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ máa ń rọ̀ síbẹ̀, ìgbà mìíràn á tò sísàlẹ̀ kí omi dúdú wà lórí rẹ̀, kí ìlà tó tẹ́jú sì wà láàárín wọn. Bí kóróídì ẹ̀gbẹ́ kan bá ki ju èkejì lọ, tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ̀ mọ́ ọn.

Gíréèdì tí wọ́n kọ jẹ́ ètò tí Dókítà Lu-Ann Papile àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1978, lẹ́yìn tí wọ́n fi síkáànù CT wo orí àwọn ọmọ tí kò tó kílò 1.5. Gíréèdì 1, ẹ̀jẹ̀ kò kúrò níbi ìhù. Gíréèdì 2, ó ti ya wọ yàrá omi ṣùgbọ́n yàrá náà kò fẹ̀. Gíréèdì 3, ó kún yàrá náà débi tí yàrá fi fẹ̀. Gíréèdì 4, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ara ọpọlọ fúnra rẹ̀. Nígbà kan wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ inú yàrá ló fọ́ ògiri jáde ní gíréèdì 4. Ohun tí a mọ̀ báyìí ni pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló tẹ iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò ní ẹ̀gbẹ́ yẹn pa, tí ẹ̀jẹ̀ há, tí apá ọpọlọ tó wà níbẹ̀ sì bàjẹ́.

Kí nọ́ńbà ọjọ́ 11 má baà dẹ́rù bà yín lọ́nà òdì: fífẹ̀ tí yàrá omi ọmọ yín fẹ̀ kò sọ gíréèdì 2 di gíréèdì 3. Gíréèdì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ya. Omi tó ń pọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ohun tó tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ náà, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ tún ya. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ya, funfun tuntun á hàn nínú àwòrán, wọn ì bá sì ti kọ ọ́.

Ojoojúmọ́ ni kóróídì ń ṣe omi. Omi náà ń ti yàrá ẹ̀gbẹ́ gba ihò Mọ́nrò bọ́ sí yàrá kẹta, ó ń gba ọ̀nà tóóró kan sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá kẹrin, ó ń jáde láti ibẹ̀ yí ọpọlọ ká, níbẹ̀ ni ara ti ń fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ya sínú yàrá, èérún ẹ̀jẹ̀ á máa bá omi lọ. Ó lè di ọ̀nà tóóró yẹn, ó sì lè di àwọn ibi tí ara ti ń fa omi padà, kí ibẹ̀ wú kó sì dàpá. Ìdí nìyẹn tí omi kì í pọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ya, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Síkáànù tún lè fi ibi tó dí hàn. Bí yàrá ẹ̀gbẹ́ àti yàrá kẹta bá fẹ̀ ṣùgbọ́n tí yàrá kẹrin kéré, ọ̀nà tóóró ló dí. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fẹ̀, ìdíwọ́ náà wà níta. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa yàrá kẹrin, torí fífa omi láti ẹ̀yìn kò lè tán ìṣòro ọmọ tí ọ̀nà tóóró rẹ̀ dí.

Kí ló dé tí orí kò fi tóbi? Ọpọlọ ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 kún fún omi, ó sì rọ̀ bíi kànìnkànìn tó rin. Bí yàrá omi bá ń fẹ̀, ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fún, àlàfo tó wà láàárín ọpọlọ àti agbárí á sì tún gba díẹ̀. Ìgbà tí kò bá sí àyè mọ́ nínú orí ni egungun yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà, tí àwùjẹ̀ yóò le, tí teepu yóò fò. Ìyẹn ni pé ọpọlọ ti ń jìyà kí orí tó tóbi. Èmi kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni dúró de teepu nígbà tí síkáànù wà nítòsí.

VI ni ìwọ̀n tí Dókítà Malcolm Levene gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1981. Wọ́n á dá àwòrán dúró lójú ihò Mọ́nrò, póróòbù wà láti etí sí etí, wọ́n á sì wọn láti ìlà tó pín ọpọlọ sí méjì dé ògiri ìta yàrá ẹ̀gbẹ́. AHW ni fífẹ̀ ìwo iwájú yàrá náà níbi tó ti gbòòrò jù, lójú àwòrán kan náà. Lára ọmọ tó wà ní àlàáfíà, ìwo iwájú dà bí ojú tó dì, kì í sábà kọjá mílímítà 3. VI ní ìlà òkè tó ń gòkè pẹ̀lú ọjọ́ orí; nínú ọmọ 100, bíi 97 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 30, ìlà náà wà ní nǹkan bíi mílímítà 11.

Ẹ wá gbé ti ọmọ yín lé e. Ní ọjọ́ 4, VI 9 wà lábẹ́ ìlà, AHW 2 kò ní ẹ̀sùn. Ní ọjọ́ 11 ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 30, VI 12 ti kọjá ìlà pẹ̀lú nǹkan bíi mílímítà kan. Èyí nìkan kì bá tó nǹkan, nítorí ọwọ́ ẹni méjì lè fi mílímítà kan yàtọ̀ síra lórí ọmọ kan náà. Ohun tó jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́ ni pé VI lé mílímítà 3 láàárín ọjọ́ 7, nígbà tí ìlà àwọn ọmọ yòókù kì í gòkè tó ìdajì mílímítà lọ́sẹ̀ kan, AHW sì kúrò ní 2 sí 5. Ìwo iwájú ló máa ń tètè yí padà: kí yàrá tó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú tó dì yẹn á kọ́kọ́ là, á sì rí roboto. Nọ́ńbà méjèèjì ń tọ́ka sí ohun kan náà, torí náà kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́.

Síkáànù tó kàn kò yẹ kó ju ọjọ́ 3 sí 4 lọ. Bó bá jẹ́ pé VI 12 àti AHW 5 náà ni wọ́n tún rí, ó ṣeé ṣe kí omi náà ti dúró. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ ó máa ń dúró fúnra rẹ̀, á sì máa lọ sílẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá di VI 13 tàbí 14 tí AHW sì kọjá 6, ẹ ní kí wọ́n pe dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́jọ́ náà. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń dúró títí VI á fi fi mílímítà 4 kọjá ìlà, ìyẹn nǹkan bíi 15 lára ọmọ yín, tí AHW á sì kọjá 10. Ìwádìí ELVIS, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fi ọ̀nà méjèèjì wéra. Ní ti ikú àti àwọn tó nílò ṣọ́ǹtì, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé omi láti orí lọ sí ikùn, kò sí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín wọn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nígbà tí àwọn ọmọ náà pé nǹkan bí ọdún 2 fì sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Èmi náà fì síbẹ̀.

Bó bá di dandan, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, nǹkan bíi mílílítà 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́ láìkánjú. Ọmọ kílò 1.2 á jẹ́ bíi mílílítà 12. Bí wọ́n bá ní láti tún un ṣe léraléra, wọ́n á fi àpò róbà kékeré kan sábẹ́ awọ orí, ọ̀pá tín-ín-rín á ti ibẹ̀ wọ yàrá omi, wọ́n á máa ti abẹ́rẹ́ bọ àpò náà. Ṣọ́ǹtì kì í ṣe fún ọmọ tó kéré báyìí. Wọ́n sábà máa ń dúró kí ó wọ̀n tó kílò 2 sí 2.5, kí ẹ̀jẹ̀ àti èérún inú omi sì ti dín kù, nítorí wọ́n á dí ọ̀pá náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi fúrósímáìdì àti asẹtasólámáìdì gbẹ omi náà, ẹ ní kó dúró. Ìwádìí kan tó jáde ní 1998 dán an wò, àwọn ọmọ tó lo oògùn náà ṣe burú ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Ohun tó ń ba ìwọ̀n jẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Bí póróòbù bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yàrá apá kan á dà bí ẹni pé ó tóbi ju èkejì lọ. Ẹ wo àwòrán tí wọ́n fún yín: egungun agbárí ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ìlà àárín sì gbọ́dọ̀ tọ́. Bí wọ́n bá dá àwòrán dúró sẹ́yìn ihò Mọ́nrò, yàrá ti fẹ̀ níbẹ̀ lára gbogbo ọmọ, VI á sì ga láìsí ìdí. Yàrá òsì náà máa ń fẹ̀ ju ọ̀tún lọ díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní àrùn kankan. Nǹkan dúdú kan tún wà láàárín àwọn ìwo iwájú méjèèjì, àlàfo omi tí gbogbo ọmọ tí kò pé oṣù máa ń ní. Kì í ṣe àìsàn. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan náà máa fi ẹ̀rọ kan náà wọ̀n ọ́, kí wọ́n sì máa gbé àwòrán tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ìwé tó kàn sọ pé «yàrá omi fẹ̀ díẹ̀» láìsí nọ́ńbà kò lè ran ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.

Yàrá omi sì lè fẹ̀ láìjẹ́ pé omi ń tì í. Bí ara ọpọlọ bá bàjẹ́ tó sì sún kì, yàrá á gba àyè rẹ̀. Nírú èyí, ògiri yàrá máa ń rí wúruwùru, kì í yípo, ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, orí ọmọ kì í sì dàgbà bó ṣe yẹ. Fífa omi kò ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láǹfààní. Ti ọmọ yín, tó yí padà láàárín ọjọ́ 7, kò jọ èyí.

Síkáànù àwùjẹ̀ ní ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. Ọpọlọ kékeré ìpàkọ́ jìnnà sí àwùjẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kékeré níbẹ̀ lè sá fún un. Láti àlàfo ẹ̀yìn etí ni wọ́n ti ń rí i kedere, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ agbárí ní ẹ̀gbẹ́ jìnnà náà ṣòro láti rí. Ìpalára wẹ́wẹ́ nínú ara ọpọlọ sì lè má hàn rárá. Nítorí náà wọ́n á tún un ṣe nígbà tí ọmọ yín bá tó ọjọ́ tí ẹ̀ bá bí i gan-an, ìyẹn nígbà tó bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11 láyé. Bí owó àti àyè bá wà, wọ́n lè fi ẹ̀rọ MRI kún un. Bí síkáànù ọjọ́ yẹn bá dára, ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ fi ìpàdé àyẹ̀wò ìdàgbàsókè rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ra teepu tí kì í fà. Ẹ gbé e gba òkè ìpéǹpéjú díẹ̀, òkè etí, àti ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́. Ẹ wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kọ èyí tó tóbi jù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ìdajì sẹ̀ntímítà sí sẹ̀ntímítà 1 lọ́sẹ̀ kan ni a ń retí. Bó bá tó sẹ̀ntímítà 2 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé e lọ láìdúró de ọjọ́ ìpàdé. Ìgbà tí ọmọ bá jókòó, tí kò sunkún, ni kí ẹ fọwọ́ kan àwùjẹ̀. Kó tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí kó wọnú díẹ̀ ló dára. Ẹ lè fi òrí pa á bí ìyá àgbà bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí kó lè tètè dí. Bó bá yọ sókè tó sì le, bí ojú ọmọ bá ń wọ̀ sísàlẹ̀ tí funfun ojú ń hàn lókè, bó bá ń bì léraléra, bí kò bá jí láti mu ọmú, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dá dúró, ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ náà, kí ẹ sì mú ìwé síkáànù gbogbo dání kí wọ́n lè rí 9 àti 12 yẹn kí wọ́n tó wọn tuntun.